Ìwúwo Wúrà Wà Bó Ṣe Wà, Owó Rẹ̀ Ló Yí: Àkọsílẹ̀ Òfò Ohun Ọ̀ṣọ́ Kan ní Abẹ́òkúta

Òfò tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, sí obìnrin oníṣòwò àdìrẹ kan tó ní ìsọ̀ ní ọjà Ìtọ́kú, tí ilé rẹ̀ sì wà ní apá Ọbáńtokò. Iṣẹ́ alárinà adójútòfò ni mo ń ṣe ní Òkè-Ìlèwó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni obìnrin náà ti gba ìwé àdéhùn rẹ̀; lẹ́yìn tí olè ti wọlé tán ni ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un wá sọ́dọ̀ wa, kí a lè bá wọn wo ìdí tí owó tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fẹ́ san fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Alhaja ni gbogbo ọjà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti dárúkọ òun tàbí ilé-iṣẹ́ náà.

Ìwé àdéhùn ẹrù inú ilé ni Alhaja ní, iye tí wọ́n kọ sórí gbogbo ẹrù náà sì jẹ́ ₦15,000,000. Nínú ìwé àdéhùn tirẹ̀, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ìlà méjì kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà, bẹ́ẹ̀ inú wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ wà. Èkíní sọ pé ilé-iṣẹ́ kò ní ka ẹrù ẹyọ kan sí ohun tí owó rẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 iye gbogbo ẹrù lọ, àfi tí olówó rẹ̀ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Fún Alhaja, ìyẹn jẹ́ ₦750,000. Èkejì sọ pé gbogbo wúrà, fàdákà àti ohun ọ̀ṣọ́ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye ẹrù lọ, èyí tó jẹ́ ₦5,000,000, àfi tí wọ́n bá fi ẹnu kò sí nǹkan mìíràn.

Ibẹ̀ ni a ti lè mọ ìgbà tí ìwé ìdíyelé di dandan. Òrùka tàbí yẹtí tí owó rẹ̀ kò tó ₦750,000 lè wà láàárín ẹrù yòókù, kí olówó rẹ̀ má sì ní ju rìsíìtì àti fọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹyọ kan bá ti kọjá ibẹ̀, a ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ilé-iṣẹ́ kì í sì í gbà kí a kọ ọ́ lọ́tọ̀ láìrí ìwé tó sọ ohun tó jẹ́ àti iye tó tó. Rìsíìtì tuntun lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ìgbà díẹ̀ bí ó bá sọ ìwúwo àti kárátì. Èyí tí wọ́n kàn kọ "ṣéènì wúrà kan" sí kò lè ṣe é, irú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Ohun tí a jogún, ohun tí ọkọ tàbí ọmọ fi ta ni lọ́rẹ, àti wúrà àtijọ́ tí a yọ́ tí a sì tún rọ, kì í ní rìsíìtì rárá. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni kò ṣeé fi sílẹ̀ láìní ìwé ìdíyelé.

Alhaja ní ìwé ìdíyelé, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aláìbìkítà ni. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tó fẹ́ gba ìwé àdéhùn náà, ó kó wúrà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, ẹni náà sì ṣe iṣẹ́ tó dára ju bí mo ti sábà ń rí i lọ. Ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì olówó ohun ọ̀ṣọ́, ó kọ ọjọ́, ó kọ pé fún adójútòfò ni òun ṣe díyelé wọn, ó sì to ohun ọ̀ṣọ́ náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ṣéènì ọrùn kan, gíráàmù 45. Yẹtí kan, méjèèjì lápapọ̀, gíráàmù 11. Ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gíráàmù 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 120. Ó kọ pé àmì 750 wà lára gbogbo wọn, èyí tí í ṣe àmì wúrà kárátì 18, nítorí pé nínú ìdá 1,000 irú wúrà bẹ́ẹ̀, ìdá 750 ni ògidì wúrà, ìyókù sì jẹ́ bàbà, fàdákà àti irin mìíràn tí a fi pò ó kí ó lè le. Ó sọ pé òun kò fi ojú àmì náà nìkan wò ó, pé òun ha ọ̀kọ̀ọ̀kan lára òkúta ìdánwò, òun sì fi ásíìdì dán ibi tí òun ha náà wò. Ó ya fọ́tò wọn. Lẹ́yìn náà ó fi owó sí i: ₦40,000 fún gíráàmù kan, ₦4,800,000 fún gbogbo rẹ̀, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Ilé-iṣẹ́ gba ìwé náà, wọ́n sì kọ ₦4,800,000 sínú ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí iye kan ṣoṣo fún "ohun ọ̀ṣọ́ wúrà bí a ti tò ó sínú ìwé ìdíyelé." Nígbà tí ọdún yípo ní 2024, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Alhaja pé kí ó yẹ iye ẹrù rẹ̀ wò kí ó tó san owó ọdún tuntun. Ó wo ilé rẹ̀, ó rí i pé òun kò ra wúrà mìíràn, òun kò sì tà nínú èyí tí òun ní, ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà pé kò sí àyípadà. Ìdáhùn yẹn bá ojú mu fún ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí pé wúrà náà kò yí padà lóòótọ́.

Ní oṣù kọkànlá, Alhaja lọ síbi ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì sùn síbẹ̀. Ó wọ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ṣùgbọ́n ó fi ṣéènì àti yẹtí sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú iyùn rẹ̀. Àwọn olè fi irin já fèrèsé ẹ̀yìn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ tó dé, ó fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí pẹ̀lú, ibi tí wọ́n ti já wọlé sì hàn kedere, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn kankan pé olè ló jà. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti iye owó.

Ilé-iṣẹ́ rán aṣèwádìí òfò kan wá. Ọkùnrin yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ àti oníṣòwò wúrà bíi mélòó kan, ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta gíráàmù kan kárátì 18 ní ọ̀sẹ̀ tí olè jà, ó sì fi ₦120,000 ṣe ìṣirò rẹ̀. Gíráàmù 56 ni ó sọnù, ìyẹn ṣéènì àti yẹtí, nítorí náà iye tí Alhaja yóò ná láti tún ra irú wọn jẹ́ ₦6,720,000. Títí débí yìí, inú Alhaja dùn. Ohun tó ń rò ni pé òfò òun ti ju ₦4,800,000 tó wà nínú ìwé lọ, nítorí náà ilé-iṣẹ́ yóò san ₦4,800,000 náà pé, òun yóò sì fi ìyókù kún un fúnra òun. Ṣùgbọ́n iye tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i jẹ́ ₦2,240,000.

"Ṣé wọ́n rò pé n kò lè kàwé ni?" Alhaja bi mí nígbà tó gbé lẹ́tà náà síwájú mi. "Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ọ̀kẹ́ àìmọye ló wà níbí. Òfò mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo ni wọ́n ti rí méjì?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Alhaja, ẹ bá mi mú ìwé àdéhùn náà wá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Ibi tí wọ́n ti rí i ni ìlà tí àwa alárinà ń pè ní áfẹ́rééjì. Ohun tó sọ ni pé bí iye tí a kọ sórí ẹrù bá kéré sí iye tí ẹrù náà tó ní ọjọ́ òfò, olówó ẹrù ni ilé-iṣẹ́ yóò kà sí ẹni tó fúnra rẹ̀ dójútòfò apá tó kù, yóò sì ru ìpín tirẹ̀ nínú òfò èyíkéyìí, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Kì í ṣe gíráàmù 56 tó sọnù nìkan ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe gbogbo gíráàmù 120 tí ₦4,800,000 náà yẹ kí ó bò. Ní ọjọ́ òfò, gíráàmù 120 ní ₦120,000 jẹ́ ₦14,400,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ₦4,800,000 jẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta òfò ni wọ́n san, ìdá kan nínú mẹ́ta ₦6,720,000 sì ni ₦2,240,000. Ìṣirò náà tọ̀nà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Alhaja bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Tí a bá wò ó dáadáa, ₦2,240,000 kò yàtọ̀ sí gíráàmù 56 ní ₦40,000: owó oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n fi san án fún òfò oṣù kọkànlá ọdún 2024. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ síwájú ṣéènì, yẹtí àti ẹ̀gbà, ibẹ̀ náà ni ì bá parí sí, torí pé iye tí a kọ síwájú ohun kan ni òpin ohun tí wọ́n lè san lórí rẹ̀.

Kí ló mú kí owó gíráàmù kan di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ìgbà tí kò tó ọdún méjì? Nǹkan méjì ló pàdé. Owó wúrà lágbàáyé fúnra rẹ̀ gòkè: áúnsì kan, tó jẹ́ gíráàmù 31.1, wà ní nǹkan bíi dọ́là 1,850 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó sì ti tó nǹkan bíi 2,650 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Èkejì ló wúwo jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà sí dọ́là mọ̀. Dọ́là tí iye rẹ̀ lábẹ́ ìjọba jẹ́ nǹkan bíi ₦460 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,600 ní ìgbà òfò yìí, àwọn oníṣòwò wúrà tó sì ń ra dọ́là lójú ọjà kí àyípadà náà tó dé kò rí i rà ní ₦460 náà, nǹkan bíi ₦750 ni wọ́n ń rà á. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé ìdíyelé tirẹ̀ wò lè ṣe ìṣirò kékeré yìí nílé: kí ó pín owó áúnsì kan ní dọ́là sí 31.1, kí ó sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú iye náírà sí dọ́là kan, kí ó wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.75 tí ó bá jẹ́ kárátì 18, tàbí 0.875 tí ó bá jẹ́ kárátì 21. Fún oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí a bá fi ₦1,650 ṣe é, yóò fún wa ní nǹkan bíi ₦105,000 fún gíráàmù kan kárátì 18. Owó ohun tí a fi ṣe é nìkan nìyẹn. Owó iṣẹ́ ọwọ́ àti èrè oníṣòwò ló gbé e dé ₦120,000. Ìṣirò yìí kò lè rọ́pò ìwé ìdíyelé, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ti kú.

Mo tún wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní Alhaja ti mú ìwé náà padà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ nígbà tí ọdún yípo ní oṣù kejì ọdún 2024. Ní ìgbà yẹn, nǹkan bíi ₦85,000 ni wọ́n ń ta gíráàmù kan kárátì 18, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́ ₦10,200,000. Owó tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà lórí ohun ọ̀ṣọ́ jẹ́ ₦1.50 lórí ₦100, èyí tó túmọ̀ sí pé ì bá san ₦153,000 dípò ₦72,000 tó san. Òfò oṣù kọkànlá ì bá sì fún un ní ₦4,760,000, nítorí pé 10,200,000 nínú 14,400,000 ni wọn ì bá lò. Ẹ ó rí i pé òun náà kò pé; owó wúrà tún gòkè láàárín oṣù mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ₦81,000 tí ì bá fi kún owó ọdún ì bá fi ₦2,520,000 kún owó òfò. Ìṣòro kan wà tí n kò fẹ́ fò: ₦10,200,000 ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ₦15,000,000, nítorí náà ilé-iṣẹ́ ì bá ní kí ó gbé iye gbogbo ẹrù ilé sókè tàbí kí ó gba àdéhùn ọ̀tọ̀ fún ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn kan máa ń torí èyí fi iye àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn.

Ohun kan wà tó gba Alhaja là níbẹ̀, n kò sì rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ iyì rẹ̀. Ṣéènì àti yẹtí ti lọ, kò sí ẹni tó lè wọ̀n wọ́n mọ́. Bí kì í bá ṣe pé alágbẹ̀dẹ ti kọ gíráàmù 45 àti 11 sílẹ̀, tó sì dán kárátì wọn wò, aṣèwádìí náà kò ní rí ohun tí yóò sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ₦120,000. Ìwé ìdíyelé tó kàn sọ pé "ìdì wúrà kan, ₦4,800,000" ì bá ti di asán pátápátá. Apá méjì ni irú ìwé yìí ní: àpèjúwe, tí kì í gbó níwọ̀n ìgbà tí ohun ọ̀ṣọ́ kò bá yí padà, àti iye owó, tí ń gbó láti ọjọ́ tí a ti kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan láti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ti iyùn yàtọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn olókùn méjì tí Alhaja máa ń wọ̀ síbi ìnáwó sọnù pẹ̀lú, kò sì sí nínú ìwé ìdíyelé, nítorí pé alágbẹ̀dẹ wúrà sọ fún un pé òun kò mọ iyùn díyelé. Òtítọ́ ló sọ, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ọ̀pọ̀ ni ì bá kàn fi owó kan sí i. Fọ́tò ìgbéyàwó ló wà, ó sì fi hàn pé ó ní iyùn pupa ní ọrùn, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ irú iyùn tó jẹ́. Iyùn gidi, èyí tí wọ́n ń kó nínú òkun Mẹditaréníà, wọ́n gan-an. Òmíràn wà tí wọ́n ń kó nínú òkun pẹ̀lú ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá rẹ sínú aró pupa. Òmíràn jẹ́ gíláàsì, òmíràn sì jẹ́ rọ́bà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi awò wo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara iyùn gidi lọ, yóò wá ìhó afẹ́fẹ́ nínú gíláàsì, yóò sì fi òwú tí a rì sínú ásítóònì nu kọ̀rọ̀ ihò ìlẹ̀kẹ̀ kan láti mọ̀ bóyá aró yóò jáde. Kò sí èyí tí a lè ṣe fún ohun tó ti sọnù. Ilé-iṣẹ́ san ₦150,000 lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí a kò kọ lọ́tọ̀, Alhaja sì gbà á pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, a jọ ṣe ìwé ìdíyelé tuntun fún ohun tó kù. Mo ní kí ó má lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ṣéènì mìíràn fún un, nítorí pé olùtajà a máa kọ iye tó ga kí ọjà rẹ̀ lè dà bí ohun tí a rà ní ọ̀pọ̀. Iye àsọdùn kò ṣe oníbàárà ní àǹfààní kankan: owó ọdún rẹ̀ yóò ga, ṣùgbọ́n bí òfò bá dé, iye tí a fi lè tún ra irú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yóò san. Fún ìdí kan náà, ẹni tó ń díyelé kò gbọdọ̀ gba ìdá kan nínú iye tó bá kọ. Kí ó gba owó iṣẹ́ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí lórí àkókò tó lò. Mo tún ní kí Alhaja ṣọ́ra fún iye tí alágbẹ̀dẹ máa fi ra wúrà lọ́wọ́ ẹni, èyí tó máa ń kéré sí iye tí a fi ń rà á ní ìsọ̀. Fún adójútòfò, iye tí a ó ná láti tún ra irú rẹ̀ ni a ń wá.

Ẹ̀gbà mẹ́rin náà ni wọ́n kọ́kọ́ fọ̀, nítorí pé ọṣẹ àti ìpara tó há sínú iṣẹ́ ọnà ara wọn ní ìwúwo tirẹ̀. Òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni wọ́n lò, wọ́n sì rí gíráàmù 63.42 níbi tí ìwé àkọ́kọ́ ti sọ 64; ìwé àkọ́kọ́ ti sọ iye náà di odidi, wíwọ̀ lójoojúmọ́ sì ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń díyelé ní ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ẹ́síréè mọ ohun tó wà nínú irin, ṣùgbọ́n ojú ara nìkan ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń rí, nítorí náà bàbà tí a fi wúrà nípọn bò lè tàn án jẹ. Ó tún wá wọn ẹ̀gbà kọ̀ọ̀kan nínú omi. Wúrà kárátì 18 tí inú rẹ̀ kò ṣófo máa ń wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po 15, bàbà àdàlú kò sì ju nǹkan bíi ìlọ́po 8 àti àbọ̀ lọ. Ìdánwò yìí kò wúlò fún ẹ̀gbà oníhò nínú, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀.

Òrùka kan tún wà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ní 2021, tí òkúta funfun kan wà lórí rẹ̀, tó sì wà ní ìka rẹ̀ ní ọjọ́ olè. Alhaja fẹ́ kí a kọ ọ́ ní ₦3,000,000 nítorí pé ó gbọ́ iye tí ọmọ rẹ̀ san. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ènìyàn ń fi kan òkúta kí iná rẹ̀ lè tàn pé dáyámọ́ńdì ni kò tó fún irú èyí, torí pé ọ̀nà tí ooru fi ń gba inú dáyámọ́ńdì ni ó ń wò, mọ́ísánáìtì sì ń gbé ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà. Wọ́n fi awò wo etí òkúta náà, wọ́n sì rí nọ́ńbà tí wọ́n fi iná léésà kọ síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wá ìwé ẹ̀rí tó bá nọ́ńbà náà mu: dáyámọ́ńdì gidi ni, ṣùgbọ́n nínú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ṣe é. Iye irú dáyámọ́ńdì bẹ́ẹ̀ ti já wálẹ̀ gidigidi láti ìgbà tó ti rà á, tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí a fi lè tún ra irú rẹ̀, pẹ̀lú bí náírà ti rí, kò fi ní tó ₦3,000,000 náà rárá. Ìwé tó gbó lè mú kí ènìyàn máa san owó ọdún lórí iye tí kò sí mọ́, bó ti lè mú kí ó gba owó òfò tó kéré.

Lórí iye ìgbà tó yẹ kí a tún ìwé náà ṣe, àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìlú tí owó wọn dúró ṣinṣin sábà máa ń sọ pé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èmi kò rò pé ìyẹn lè ṣiṣẹ́ fún wúrà tí a fi náírà díyelé. Ohun tí mo sọ fún Alhaja ni pé kí ó jẹ́ kí a tún owó náà ṣe lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù kan kí ọdún tó yípo, kí a lo ìwúwo àti kárátì tó ti wà nínú ìwé, kí ẹni tó díyelé kàn kọ iye gíráàmù tuntun, iye náírà sí dọ́là ọjọ́ náà àti ọjọ́ tuntun sórí ìwé kan ṣoṣo kí ó sì bu ọwọ́ lù ú. Kí a tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe, láti orí ìwúwo dé orí èékánná tó di òkúta òrùka mú, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ohun ọ̀ṣọ́ kan ṣe tàbí tí wọ́n bá yọ́ ọ. Bí owó gíráàmù bá fi ju ìdá kan nínú márùn-ún yàtọ̀ sí ti inú ìwé kí ọdún tó yípo, kí ó má dúró; ilé-iṣẹ́ lè gbé iye náà sókè ní àárín ọdún, yóò sì gba owó oṣù tó kù nìkan. Ìdá kan nínú márùn-ún yẹn jẹ́ ìpinnu tèmi, kì í ṣe òfin ilé-iṣẹ́ kankan.

A tún bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ lè gba iye inú ìwé gẹ́gẹ́ bí iye àdéhùn, kí wọ́n má bàa fi áfẹ́rééjì kan án bí òfò bá dé láàárín ọdún náà. Wọ́n gbà á fún ẹ̀gbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú májẹ̀mú pé ìwé ìdíyelé kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ ní ọjọ́ tí ọdún bá yípo, wọ́n sì fi kún owó ọdún. Wọn kò gbà á fún òrùka. Iyùn tuntun tí àwọn ọmọ rẹ̀ fún un ti wà lọ́wọ́ oníṣòwò iyùn kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹni tó ń kọ gígùn okùn kọ̀ọ̀kan, ìwúwo rẹ̀ àti bí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti nípọn tó. Ilé-iṣẹ́ ti sọ pé àwọn yóò gba ìwé rẹ̀ bí fọ́tò bá wà nínú rẹ̀, tí ó sì sọ gbangba bóyá wọ́n fi aró sí i tàbí wọn kò fi sí i.